Ìṣúná, Igbákejì Ọ̀gá, àti Ìwé Tí Akọ̀wé Kọ

Ní ilé-ìwé tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òbí lè yà sí ọ́fíìsì, kó ní kí wọ́n fún òun ní àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ alábòójútó kí òun kà á. Wọn ò gbọ́dọ̀ lé e padà. Òfin ló ní kí ìwé náà wà nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé bá kàn, àfi abala tó bá dá lórí ẹnì kan pàtó. Ó máa ń dùn mí pé àwọn èèyàn wa tó kún Pẹ́kámù àti agbègbè rẹ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru torí ẹ̀kọ́ ọmọ, kì í sábà béèrè ìwé yìí. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti lè rí bí owó ilé-ìwé ṣe ń rìn àti bí olùkọ́ ṣe ń dé iwájú ọmọ wọn.

A kò ṣàjèjì sí àkọsílẹ̀ ìpàdé. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, akọ̀wé á dìde, á ka ohun tí a sọ lóṣù tó kọjá. Ẹnì kan á ní, “Mo dábàá pé ká gbà á wọlé,” ẹlòmíì á ní, “Mo kín in lẹ́yìn,” ìpàdé á tẹ̀ síwájú. Ti ilé-ìwé le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn alábẹ̀wò tí ìjọba ń rán sí ilé-ìwé ń kà á, àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò fún ìjọba ìbílẹ̀ ń kà á, bí ẹni tí wọn ò gbà síṣẹ́ bá sì gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́, agbẹjọ́rò á kà á láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀, ó máa ń ṣòro láti fi hàn pé ó ṣẹlẹ̀.

Láti ìgbà tí òfin àtúnṣe ẹ̀kọ́ ọdún 1988 ti dé ni owó ilé-ìwé ti bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ yìí. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń ná èyí tó pọ̀ jù lọ fún wọn. Lónìí, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní méje. Aṣojú òbí méjì ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà nínú wọn, aṣojú òṣìṣẹ́ kan, ẹnì kan tí ìjọba ìbílẹ̀ dárúkọ, ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀, àti àwọn mìíràn tí ìgbìmọ̀ fà mọ́ra nítorí ìmọ̀ tí wọ́n ní. Wọn kì í gba owó iṣẹ́. Àwọn ilé-ìwé tó ti kúrò lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ìlànà tiwọn, mi ò ní bá wọn dé ibẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, mo fẹ́ gbé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan kalẹ̀. Kì í ṣe ilé-ìwé kan pàtó, àpẹẹrẹ ni, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àyè ọmọ 210 ló wà níbẹ̀, kíláàsì méje, ọmọ ọgbọ̀n-ọgbọ̀n. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní oṣù Kẹwàá, ọmọ 183 ni wọ́n bá, torí pé ọmọ tí wọ́n ń bí ní Lọ́ńdọ̀nù ti dín kù, owó ilé sì ti lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò láàárín ìlú. Igbákejì ọ̀gá ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kìíní. Ìgbìmọ̀ fi ìpàdé sí ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì tó wúwo ló wà lórí ìwé ètò: láti fọwọ́ sí ìṣúná ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, àti láti fọwọ́ sí igbákejì ọ̀gá tuntun.

Ìdí wà tí méjèèjì fi bọ́ sí oṣù kan náà. Ìjọba ìbílẹ̀ máa ń dá ọjọ́ tí ìṣúná tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń fi sí oṣù Karùn-ún. Ní ti olùkọ́, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbòmíì ní oṣù Kẹsàn-án gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé fi ibi tó wà sílẹ̀ kí oṣù Karùn-ún tó parí. Tí ìpàdé bá forí ṣánpọ́n, kò sí igbákejì ọ̀gá títí di oṣù Kìíní ọdún tó ń bọ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ àti aago nínú àkọsílẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣákálá.

Ẹ wo orí ìwé náà ná. Orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ ló kọ́kọ́ hàn, lẹ́yìn náà àwọn tó tọrọ gáfárà, àti bóyá ìgbìmọ̀ gba ìdí tí wọn kò fi wá. Ibẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bóyá iye èèyàn tó òfin wà nínú yàrá. Ìdajì àwọn tó wà ní ipò lọ́wọ́lọ́wọ́ ni òfin ń béèrè. Wọn kì í ka àyè tó ṣófo mọ́ ọn, bí ìdajì bá sì já sí ààbọ̀ èèyàn, wọ́n á sọ ọ́ di odidi. Ní ilé-ìwé wa yìí, ipò mọ́kànlá ló wà, méjì ṣófo, ó ku mẹ́sàn-án. Nítorí náà, márùn-ún ni wọn kò gbọ́dọ̀ dín sí. Èèyàn mẹ́fà ló wá.

Mẹ́fà ju márùn-ún lọ, ọkàn alága balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà ni aṣojú òṣìṣẹ́, olùkọ́ kíláàsì kẹta, òun náà sì ti kọ̀wé béèrè fún ipò igbákejì ọ̀gá, wọn kò mú un. Nígbà tí wọ́n bá dé orí ọ̀rọ̀ ìyànsípò, kò gbọ́dọ̀ jókòó níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dìbò. Ó gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú yàrá. Wọ́n á ku márùn-ún. Aṣojú òbí kan tún wà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, aago mẹ́jọ alẹ́ ni iṣẹ́ òru rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ti sọ fún akọ̀wé pé òun á dìde nígbà tí aago méje bá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Tí nọ́ọ̀sì yìí bá lọ kí wọ́n tó dé orí ìyànsípò, ó di mẹ́rin, ìpinnu yòówù tí wọ́n bá ṣe kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á tún pe ìpàdé mìíràn, ìyẹn sì ń béèrè ìfitónilétí ọjọ́ méje gbáko, àyàfi tí alága bá rí i pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kánjúkánjú tó sì gé ọjọ́ náà kúrú. Oṣù Karùn-ún kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé tó mọṣẹ́ ló máa ń rí irú ewu yìí kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Òun ló máa ń yọ́ ọ sí alága létí pé kó má fi ọ̀rọ̀ ìyànsípò sí ẹ̀yìn ìròyìn àtúnṣe òrùlé. Nínú àkọsílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé: “Aṣojú òṣìṣẹ́ jáde ní aago 7:05. Ọmọ ìgbìmọ̀ márùn-ún ló kù, iye náà sì tó òfin.” Ó tún gbọ́dọ̀ kọ aago tí aṣojú òṣìṣẹ́ padà wọlé àti aago tí nọ́ọ̀sì lọ. Tí ẹ bá rí àkọsílẹ̀ tí ẹnì kan ti jáde torí pé ọ̀rọ̀ kàn án, àmọ́ tí kò sí àmì pé ó padà, tí orúkọ rẹ̀ sì tún hàn níwájú nínú àwọn tó dá sí ọ̀rọ̀, ẹ fura sí ìwé náà.

Ó kan ìṣúná. Wọ́n ti fi ìwé owó ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún kí wọ́n lè kà á sílé. Nínú ìwé náà, owó tí yóò wọlé lọ́dún yìí jẹ́ 1,180,000 pọ́n-ùn, owó tí wọ́n fẹ́ ná jẹ́ 1,214,000. Owó tó ń wọlé fi 34,000 dín sí èyí tó ń jáde. Ṣùgbọ́n 61,000 ló ṣẹ́kù lápò láti ọdún tó kọjá. Tí wọ́n bá fi dí i, á ṣẹ́ ku 27,000 nígbà tí ọdún bá parí. Ilé-ìwé kò gbọ́dọ̀ gbé ìṣúná tí yóò parí sí gbèsè kalẹ̀ láìjẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ fún un láyè. Ti wa kò parí sí gbèsè. Akápò sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá náà sì fi orí rẹ̀ gbà á.

Ibí yìí gan-an ni ìyàtọ̀ ti máa ń wà láàárín àkọsílẹ̀ tó ṣe é kà àti èyí tí kò sọ nǹkan kan. Àwọn akọ̀wé kan á kọ ọ́ pé: “Lẹ́yìn ìjíròrò, ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ìṣúná.” Ìjíròrò wo? Ìṣúná wo? Bí akápò bá ti tún ìwé náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tí wọ́n fọwọ́ sí. Mo ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sí àìdáa sí àwọn òbí, torí pé ó gba ohun tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ lọ́wọ́ wọn. Akọ̀wé kò nílò láti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu èèyàn. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì, èsì tí wọ́n fún un, àti ìpinnu pẹ̀lú iye owó ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ìpàdé wa yìí, nọ́ọ̀sì ló béèrè ìbéèrè tó ṣí ọ̀rọ̀. Òun ló yí ìwé owó sí ojú ewé kẹta, níbi tí àfojúsùn ọdún mẹ́ta wà, tí ilé-ìwé gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú ìṣúná. Ó ní kí ló dé tí owó tí a ń ná lọ́dún kejì fi ga ju ti ọdún kìíní lọ ní 38,000, nígbà tí kò sí kíláàsì tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣí. Akápò dáhùn pé igbákejì ọ̀gá ni.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìṣirò náà, torí òun ló so ọ̀rọ̀ méjèèjì orí ìwé ètò pọ̀. Owó oṣù igbákejì ọ̀gá, tí a bá ró o pọ̀ fún ọdún kan, jẹ́ 64,000 pọ́n-ùn. Kì í ṣe iye tí ilé-ìwé yóò san nìyẹn. Ilé-ìwé gbọ́dọ̀ dá owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sínú àpò ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́: pọ́n-ùn 28.68 lórí ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 18,355. Ó tún gbọ́dọ̀ san owó adójútòfò ìjọba àpapọ̀, tó di pọ́n-ùn 15 lórí ọgọ́rùn-ún láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, lórí ohun tó bá lé ní 5,000. Ìyẹn jẹ́ 8,850. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 91,205.

Àmọ́ oṣù Kẹsàn-án ni igbákejì ọ̀gá yóò bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án dé òpin oṣù Kẹta, oṣù méje péré ni yóò jẹ nínú ọdún ìṣúná yìí, owó rẹ̀ á sì jẹ́ 53,203. Nígbà tí ọdún kejì bá dé, ilé-ìwé á san oṣù méjìlá pé. Ohun tó lé jẹ́ 38,002, òun gan-an ni nọ́ọ̀sì rí. Wàyí o, tí owó tó ń wọlé kò bá gòkè, ọdún kejì á fi 72,000 dín, ó sì jẹ́ pé 27,000 péré ló máa wà lápò. Ilé-ìwé á wọ gbèsè 45,000.

Ẹ ò rí i pé ìṣúná ọdún kan lè mọ́ tónítóní, kí ìpinnu tí wọ́n ṣe níbi ìpàdé kan náà sì ti gbé gbèsè ọdún kejì sínú rẹ̀. Bó sì ṣe máa ń rí ní ilé-ìwé nìyẹn, torí pé owó òṣìṣẹ́ ló ń jẹ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohun tí ilé-ìwé ń ná. Iná, ìwé, àti oúnjẹ kò tó ohun tí èèyàn lè gé kí gbèsè 45,000 kúrò ńlẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ìṣúná láìka ìyànsípò, ojú kan ló fi ń wò.

Ìgbìmọ̀ ronú sí i. Àwọn kan ní kí wọ́n má yan igbákejì mọ́, kí ọ̀gá máa dá a ṣe. Ọ̀gá ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì láti oṣù Kìíní, pé ẹni tó ń bójú tó ààbò àwọn ọmọ àti àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́ pàtàkì kò sí mọ́, òun kò sì lè dá ẹrù náà gbé fún ọdún mìíràn. Níkẹyìn, wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Àkọsílẹ̀ kà báyìí:

“Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ìṣúná ọdún 2025 sí 2026, ẹ̀dà tí a pín ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún: owó tó ń wọlé 1,180,000 pọ́n-ùn, owó tí a ó ná 1,214,000, àṣẹ́kù tí a ń retí ní òpin ọdún 27,000. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan béèrè ìdí tí ọdún kejì fi ń lọ sí gbèsè 45,000. Akápò ṣàlàyé pé owó igbákejì ọ̀gá fún oṣù méjìlá ló fà á. Ìgbìmọ̀ ní kí ọ̀gá mú ètò tí yóò dí àlàfo náà wá sí ìpàdé oṣù Kọkànlá, kí ó sì fi ìdapọ̀ kíláàsì méjì kún ohun tí yóò yẹ̀ wò. Èèyàn márùn-ún gbà, ẹnì kan kò dìbò.”

Ìwé tó gbé ilé-ìwé dúró nìyẹn. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà á lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kó sì mọ ohun tí wọ́n mọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí wọ́n bẹ̀rù, àti ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Òfin kò sọ ọ́ di dandan kí ẹnì kan dábàá kí ẹlòmíì sì kín in lẹ́yìn. Ìbò tí àwọn tó wà níbẹ̀ dì ló ń so ìpinnu ró. Bí ìbò bá dọ́gba, alága á tún dìbò kejì.

Lẹ́yìn náà ni aṣojú òṣìṣẹ́ jáde, wọ́n sì dé orí ìyànsípò. Ìgbìmọ̀ kò lè ṣàdédé mú orúkọ jáde. Wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé àyè ṣí sílẹ̀, wọ́n ti polówó ipò náà, wọ́n sì ti yan ìgbìmọ̀ kékeré tí kò dín ní ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta láti fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò. Ọ̀gá ilé-ìwé lè gbà wọ́n nímọ̀ràn nígbà tí ipò igbákejì bá ṣí. Ó kéré tán, ọ̀kan lára àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó lè pa ọmọdé lára mọ̀. Ìgbìmọ̀ kékeré kò lágbára láti gbani síṣẹ́. Ìmọ̀ràn ló ń mú wá, ìgbìmọ̀ lápapọ̀ ló ń fọwọ́ sí i, ìjọba ìbílẹ̀ tó jẹ́ agbanisíṣẹ́ nínú irú ilé-ìwé yìí ló sì ń gbé ìwé iṣẹ́ jáde.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìpinnu yìí tí mo rọ̀ yín kí ẹ máa wá. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé ìyànsípò náà dúró lórí àyẹ̀wò: ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá tó jinlẹ̀, bóyá wọ́n ti fòfin de ẹni náà láti kọ́ ọmọ, ẹ̀rí láti ibi tó ti ṣiṣẹ́, ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ìlera tó tó iṣẹ́. Bí àkọsílẹ̀ bá kàn sọ pé “ìgbìmọ̀ yan Ìyáàfin báyìí báyìí,” tí àyẹ̀wò kan sì wá já sí nǹkan burúkú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ilé-ìwé ti ṣèlérí tí yóò nira láti yẹ̀.

Ohun tí wọ́n sọ nípa àwọn tí kò rí iṣẹ́ náà gbà kì í wọnú ìwé tí òbí máa kà. Máàkì wọn, ìbéèrè tí wọn kò dáhùn dáadáa, ohun tí ọ̀gá wọn àtijọ́ sọ, abala àṣírí ni gbogbo ìyẹn ń wà, akọ̀wé sì ń tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe rò pé wọ́n ń pa nǹkan mọ́ fún yín bí ẹ bá rí i pé nọ́ńbà 7 kúrú. Àmọ́ ìpinnu fúnra rẹ̀, iye ìbò, àti aago tí ẹnì kan jáde kò sí lára àṣírí.

Lórí ìwé kan náà, ẹ ó rí olùkọ́ kíláàsì méjì àti olùrànlọ́wọ́ kan tí wọ́n gbà síṣẹ́. Ìgbìmọ̀ kò dìbò lórí wọn. Wọ́n ti fi gbígba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé ọ̀gá lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, nítorí náà àkọsílẹ̀ ní “ìgbìmọ̀ gbọ́.” Bó ṣe yẹ ni, bí owó wọn bá ti wà nínú ìṣúná. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọmọ ìgbìmọ̀ yẹ kó béèrè ibi tí owó náà ti fẹ́ wá, akọ̀wé sì yẹ kó kọ ìbéèrè náà sílẹ̀.

Àkọsílẹ̀ tí akọ̀wé kọ́kọ́ kọ kì í ṣe ìwé tó parí. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ní oṣù Keje, ìgbìmọ̀ á ka á, wọ́n á ṣàtúnṣe ibi tí kò bá tọ̀nà, alága á sì fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n lè tún ṣe ni bí akọ̀wé ṣe kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn kò lè fi àtúnṣe yí ìpinnu padà. Ọmọ ìgbìmọ̀ tó bá ti kábàámọ̀ ìbò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà wá lákọ̀tun, lórí ìwé ètò, níwájú gbogbo èèyàn.

Bí ọmọ yín bá wà ní irú ilé-ìwé yìí, ìwé oṣù Kọkànlá ni kí ẹ béèrè lẹ́yìn náà. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń ka àwọn ọmọ, iye wọn ló sì ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú owó ọdún tó ń bọ̀. Ẹ wá iye ọmọ tí wọ́n kà, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì jẹ́ 183. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ètò tí wọ́n ní kí ọ̀gá mú wá. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè rẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí alága nípasẹ̀ akọ̀wé, kí ẹ sì tọ́ka sí ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún àti nọ́ńbà ìpinnu náà.